Nígbà tí Oníbàárà Tó Bínú Bá Padà Wá Yìn Wá

Ẹni tó bá ní ìsọ̀ lórí Google Maps mọ bí àyà ṣe ń já nígbà tí oníbàárà bá kọ ọ̀rọ̀ kíkan síbẹ̀, tó sì fún un ní ìràwọ̀ méjì péré nínú márùn-ún. Ẹ̀bẹ̀ kò ṣòro fún òǹtajà. Ojoojúmọ́ la ń bẹ èèyàn lọ́jà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń tán lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa ni ìgbà tí a bá ti tún nǹkan ṣe, tí oníbàárà náà padà wá fúnra rẹ̀, tó pa ọ̀rọ̀ kíkan yẹn rẹ́, tó sì fi ìyìn rọ́pò rẹ̀. A ó kàn kọ "A dúpẹ́ o, ẹ tún padà wá," a ó sì kọjá lọ. Ìdúpẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fi hàn pé a rí ohun tí ẹni yẹn ṣe fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ aṣọ òkè ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé iṣẹ́ náà ní àsìkò, ó ní owó nínú, ọ̀nà sì jìn láàrin ẹni tó ń hun ún àti ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Ká ní ìyá ìyàwó kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó rí ìsọ̀ kan ní Ìsẹ́yìn lórí fóònù, ó sì ní kí wọ́n bá òun hun ìró, gèlé àti ìpèlé aláwọ̀ pupa dúdú. Ó sanwó, aṣọ dé. Lọ́jọ́ kejì ló kọ èyí sí ojú ewé ìsọ̀ náà, pẹ̀lú ìràwọ̀ méjì:

"Mo sọ fún wọn pé gèlé àti ìró gbọ́dọ̀ bára mu. Nínú yàrá, wọ́n jọra. Nígbà tí a gbé e síta, gèlé pupa ju ìró lọ. Ẹni tó ń yára dá mi lóhùn kí n tó sanwó, kò gbé fóònù mọ́. Ìgbéyàwó wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

Ẹni tó mọ iṣẹ́ òfì yóò ti mọ ibi tí ẹ̀bi wà. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun aṣọ òkè, kí wọ́n tó rán wọn pọ̀ di aṣọ kan ṣoṣo. Bí owú bá tán lọ́wọ́ ahunṣọ lẹ́yìn tó ti hun ìró tán, á tún ra òmíràn lọ́jà fún gèlé. Owú tuntun yìí lè ní orúkọ kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, kó sì jẹ́ pé inú aró mìíràn ni wọ́n ti pa á. Lábẹ́ iná mànàmáná, ojú kò ní rí ìyàtọ̀ wọn. Oòrùn ló máa ń tú àṣírí. Ìyá yìí kò purọ́, kò sì ṣe àṣejù.

Ẹni tó ni ìsọ̀ fèsì ní gbangba lọ́jọ́ náà, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní òun yóò pè é. Ó pè é lóòótọ́. Kò jiyàn, kò sọ pé kámẹ́rà fóònù ló yí àwọ̀ padà. Ó ní kí ìyá náà gé fọ́nrán owú kan lára ìró náà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà funfun, kó ya á ní àwòrán lójú ọ̀sán. Òun fúnra rẹ̀ mú èyí tó ṣẹ́kù nínú owú ìró lọ sọ́jà, ó wá èyí tó bá a mu, wọ́n sì hun gèlé àti ìpèlé mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ó tó dì í, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní níta, ó ya á, ó fi ránṣẹ́ sí ìyá náà lórí WhatsApp kó fọwọ́ sí i. Ẹrù náà pẹ́ díẹ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n ó dé.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìyá náà padà sí ojú ewé ìsọ̀ náà. Ó pa ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ́, ó sọ ìràwọ̀ méjì di mẹ́rin, ó sì kọ pé:

"Inú bí mi nígbà àkọ́kọ́, mo sì kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n wọ́n pè mí, wọn kò bá mi jiyàn. Wọ́n hun gèlé àti ìpèlé mìíràn, wọ́n sì fi hàn mí nínú oòrùn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Gbogbo ẹni tó wá ló ń béèrè ibi tí a ti rà á. Ẹni tó bá wà lókè òkun, kó tètè sọ ohun tó fẹ́, nítorí pé ẹrù wọn kì í tètè dé."

Báwo ni a ṣe máa dá ìyá yìí lóhùn?

Kí a tó ronú kan ọ̀rọ̀ tí a máa kọ, ohun kan wà nípa Google tó yẹ kí òǹtajà mọ̀. Èsì kan ṣoṣo ni olówò lè fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ oníbàárà kan. Bí oníbàárà bá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, tuntun nìkan ni ará ìta yóò máa rí. Ti àtijọ́ ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èsì tiwa kò bá a lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀bẹ̀ ọjọ́sí yóò wà, lábẹ́ ìyìn tuntun. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò rí i pé oníbàárà ń yin ìsọ̀, ìsọ̀ sì ń sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú mà, a ó pè yín lónìí." Ó máa dà bíi pé ẹ̀rọ ló ń dáhùn, tàbí pé kò sẹ́ni tó ń ka ohun tí àwọn oníbàárà ń kọ. Mo ti rí i lójú ewé ìsọ̀ tó pọ̀, ó sì ń dùn mí, nítorí ìsọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ débi tí oníbàárà fi yí ọkàn padà kò yẹ lẹ́ni tí àwọn èèyàn ń wò bí aláìbìkítà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́, nígbà náà, ni pé kí a padà sínú èsì àtijọ́ yẹn, kí a ṣí i, kí a tún un kọ. Kì í ṣe pé a ń fi gbólóhùn kan kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tuntun ni, látòkè délẹ̀. Àwọn méjì ni yóò sì kà á: ìyá tó mọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, àti àlejò tí kò mọ nǹkan kan. Bí a bá kọ ọ́ fún ìyá nìkan, àlejò kò ní mọ ohun tí à ń sọ. Bí a bá kọ ọ́ fún àlejò nìkan, ìyá yóò mọ̀ pé òun kọ́ là ń bá sọ̀rọ̀, pé à ń fi orúkọ òun polówó ọjà ni.

Èyí ni irú èsì tó sábà máa ń jáde:

"A dúpẹ́ púpọ̀ o, oníbàárà wa àtàtà! Inú wa dùn gan-an pé ẹ gbádùn iṣẹ́ wa. Ìtẹ́lọ́rùn yín ló jẹ wá lógún jù. Ẹ tún padà wá o, ẹ sì sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín!"

Kò sí èébú kankan nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ fi ọwọ́ bo ohun tí ìyá náà kọ, kí ẹ wá ka èsì yìí lóun nìkan. Ṣé ẹ mọ̀ bóyá aṣọ òkè ni wọ́n tà fún un, tàbí búrẹ́dì, tàbí bóyá wọ́n bá a tún mọ́tò ṣe ni? Èsì tó bá lè jókòó sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìyí lẹ́tà kan padà, a ò tíì fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé "ẹ gbádùn iṣẹ́ wa" kì í ṣe òótọ́. Ìyá yìí kò gbádùn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó jìyà, ó ná owó fóònù, ó sì fi ọjọ́ púpọ̀ dààmú lórí gèlé nígbà tó yẹ kó máa ronú lórí ọmọ rẹ̀. Bí a bá dúpẹ́ bíi pé gbogbo rẹ̀ dùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, a ti fi ọwọ́ nu ìyà rẹ̀ kúrò nílẹ̀ nìyẹn. Yóò sì mọ̀ ọ́n lára.

Àwa Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń dúpẹ́ láti ìgbà tí fóònù kò tíì dé. Ẹni tó gbé iṣu wá fún wa lánàá, bí a bá pàdé rẹ̀ lónìí, "ẹ ṣé" lásán kì í tó. À ń sọ pé a dúpẹ́ iṣu àná o, a jẹ ẹ́, ó dára, àwọn ọmọ kí yín. A dárúkọ ohun tó ṣe, a sì jẹ́ kó mọ ibi tó dé nínú ilé wa. Nǹkan méjì yìí ni èsì tó dára nílò, a kàn ní láti mú wọn bọ́ sójú ewé ìsọ̀ ni.

Kí ni ìyá yìí ṣe fún wa gan-an? Ọ̀pọ̀ òǹtajà yóò ní ó yìn wá. Lójú tèmi, ìyìn yẹn kọ́ ni oore tó tóbi jù. Oore tó tóbi jù ni pé ó padà wá. Nígbà tó kọ ẹ̀sùn, inú ló ń bí i, inú bíbí a sì máa lé èèyàn dé ìdí fóònù. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo nǹkan ti tòrò, tí ìgbéyàwó ti kọjá, kò sí ohun tó ń lé e mọ́. Ó lè fi ìràwọ̀ méjì yẹn sílẹ̀ títí láé, kò sì jẹ wá ní gbèsè. Ó fúnra rẹ̀ ló rántí, ó wá ojú ewé náà rí, ó sì tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ. Ìyẹn la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúpẹ́ fún.

Èkejì ni ẹ̀sùn náà. Ọ̀pọ̀ máa ń sá fún un níbí, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó ti pa á rẹ́, kí ni à ń tún dárúkọ rẹ̀ sí? Ìdí tó fi yẹ ká dárúkọ rẹ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ ti sọ nínú ọ̀rọ̀ tuntun pé inú bí òun. Àlejò tó ń kà á yóò fẹ́ mọ ohun tó bí i nínú. Bí a bá dákẹ́, yóò rò pé ohun náà burú ju bó ṣe rí lọ. Bí a bá sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, láìsí àwáwí, yóò mọ̀ pé owú ni, kì í ṣe olè. Gbólóhùn tó bá sì tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ sọ ohun tó yí padà nínú iṣẹ́ wa nítorí rẹ̀. Èyí ni ìtumọ̀ kí oore dé ibì kan nínú ilé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ohun tó bá ti yí padà lóòótọ́ nìkan ni kí ẹ kọ. Bí a kò bá tíì máa ra owú papọ̀, tí a sì kọ pé a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, oníbàárà mìíràn tí gèlé rẹ̀ kò bára mu lóṣù tó ń bọ̀ ni yóò fi han gbogbo ayé.

Èyí ni èmi yóò kọ:

"Ẹ ṣé gan-an mà. Ẹ ti parí ìnáwó, kò sì sí ohun tó ní kí ẹ tún padà síbí, síbẹ̀ ẹ padà wá sọ bó ṣe já sí. A rí i, ó sì wọ̀ wá lọ́kàn. Òótọ́ lẹ kọ́kọ́ sọ: owú gèlé àti owú ìró kò ti inú aró kan náà wá, a kò sì gbé wọn sí oòrùn kí a tó fi ránṣẹ́. Ní báyìí, a ń ra owú aṣọ kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni, a sì ń ya àwòrán rẹ̀ níta kí ẹni tó ni ín fọwọ́ sí i, bí a ti ṣe fún yín. Ti ẹrù tó pẹ́, òótọ́ ni pẹ̀lú. Kí àwọn tó wà lókè òkun fún wa ní oṣù méjì, ó kéré tán. A ka ọ̀rọ̀ yín fún bàbá tó hun gèlé kejì, wọ́n ní ká bá wọn kí yín. Ẹ kú ìnáwó o, Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé tuntun náà tòrò. Èmi tí mo pè yín lọ́jọ́sí ni."

Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí "ẹ tún padà wá." Kò sí "ẹ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín"; ó ti sọ fún wọn, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Kò sí ẹ̀bi lórí àwọn tó gbé ẹrù. Kò sí orúkọ ọmọ rẹ̀, kò sí àdúgbò tó ń gbé, kò sí iye tó san, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ wà nínú WhatsApp wa. Ohun tó bá ti sọ ní gbangba nìkan la lè tún sọ ní gbangba. Àdúrà kan ló wà níbẹ̀, kì í ṣe mẹ́wàá. Àdúrà tó bá pọ̀ jù lẹ́nu òǹtajà, oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ rẹ̀, bóyá ó fẹ́ tọrọ nǹkan.

Gbólóhùn nípa bàbá ahunṣọ náà ṣe pàtàkì sí mi. Kí a tó lè kọ ọ́, a gbọ́dọ̀ ti ka ọ̀rọ̀ náà fún bàbá yẹn ní tòótọ́. Nítorí náà, bí ìyìn bá wọlé ní àárọ̀, kò sí ohun tó burú bí a bá fèsì lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí a ti dé ìdí òfì. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yóò gbọ́ pé ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù yin ọwọ́ òun, oníbàárà náà yóò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun dé ibi tó yẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó dáhùn, ìdúpẹ́ ti tutù.

Bákan náà, ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ló yẹ kó kọ èsì náà. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ti gba ọmọ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa dá gbogbo èèyàn lóhùn. Ọmọ náà lè mọ̀wé dáadáa, àmọ́ kò mọ̀ nípa fọ́nrán owú tó wà lórí bébà funfun. Bí òun náà bá ní láti kọ ọ́, kí ó kọ́kọ́ jókòó ti ẹni tó yanjú ọ̀rọ̀ náà, kó béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìwádìí kan wà tó kan ọ̀rọ̀ "ẹ tún padà wá" yìí. Ní 1992, McCollough àti Bharadwaj, àwọn onímọ̀ nípa káràkátà ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé oníbàárà tí a ṣẹ̀ tí a sì tún un ṣe dáadáa lè ní ìtẹ́lọ́rùn ju ẹni tí a kò ṣẹ̀ rárá lọ. Àwọn oníṣòwò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé àṣìṣe kò ní ewu, bí a bá ṣáà ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ní 2007, de Matos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí rẹ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé ìtẹ́lọ́rùn lè gbéra lóòótọ́, àmọ́ kò hàn gbangba pé oníbàárà náà yóò tún padà wá rà, tàbí pé yóò máa polongo ìsọ̀ náà. Ẹni tó ti dárí jì wá lè má fẹ́ dán wa wò lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ìdúpẹ́ wa gbé ìbéèrè kankan sórí rẹ̀.

Ewu kan tún wà tó máa ń ba ìdúpẹ́ jẹ́ kí a tó kọ ọ́ rárá. Àwọn òǹtajà kan máa ń sọ fún oníbàárà pé bó bá lè sọ ìràwọ̀ rẹ̀ di márùn-ún, àwọn yóò dá owó díẹ̀ padà fún un, tàbí kí àwọn fi fìlà kan kún ẹrù rẹ̀. Google kò gbà á. Òfin rẹ̀ sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi owó, ẹ̀dínwó tàbí ọjà ọ̀fẹ́ fa ẹnikẹ́ni láti kọ ọ̀rọ̀ rere, tàbí láti yí ọ̀rọ̀ búburú padà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá 2024 ti sọ ríra ọ̀rọ̀ oníbàárà lọ́nà bẹ́ẹ̀ di ohun tó lè fa owó ìtanràn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti ní òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oníbàárà tí kì í ṣe òótọ́ láti oṣù kẹrin 2025. Kí a tilẹ̀ yọ òfin kúrò. Bí a bá ti ra ìyìn náà, kí la ń dúpẹ́ fún? Gèlé kejì tí a hun fún ìyá yìí kì í ṣe ẹ̀bùn. Gbèsè tí a jẹ ẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó so ó mọ́ ìràwọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tó kọ fi jẹ́ tirẹ̀.

Ìràwọ̀ kan tó kù wá ńkọ́? Mẹ́rin ló fún wa, kì í ṣe márùn-ún, ọwọ́ á sì máa yún òǹtajà láti béèrè pé, "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ò fún wa ní gbogbo rẹ̀?" Ẹ má ṣe é, ní gbangba tàbí ní kọ̀rọ̀. Ó ti sọ ìdí rẹ̀ nínú gbólóhùn tó fi parí ọ̀rọ̀: ẹrù kì í tètè dé. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni pé kí a gbé oṣù méjì tí a dárúkọ nínú èsì yẹn, kí a kọ ọ́ gàdàgbà sí ibi tí oníbàárà òkè òkun yóò ti rí i kí ó tó sanwó, kí a sì fi sínú ọ̀rọ̀ tí a fi ń kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn sí wa lórí WhatsApp.